Iye Ènìyàn Lórí Ilẹ̀ Wo? Kíka Ìṣúpọ̀ Ènìyàn ní Iwopin àti Agbègbè Ọ̀sà Ìjẹ̀bú

Iwopin wà ní etí ọ̀sà Lẹ́kí, ní apá àríwá omi náà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ògùn Wọtasáìdì tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Abigi. Ẹni tó bá dúró ní èbúté ìlú náà, omi ni yóò kọ́kọ́ rí. Bí ẹni kan náà bá wá ṣí ìwé tí wọ́n to iye olùgbé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Nàìjíríà sí, yóò kà níbẹ̀ pé ìkànìyàn ọdún 2006 rí ènìyàn 72,935 ní Ògùn Wọtasáìdì, àti pé ilẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà fẹ̀ tó kìlómítà 1,000 níbùú lóròó. Tí ó bá fi ilẹ̀ pín ènìyàn, ènìyàn 73 ni yóò kan kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ìṣúpọ̀ ènìyàn.

Ìṣirò náà kò le, ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe é. Ohun tó le ni láti mọ ohun tí 73 náà ń sọ. Kò sọ pé bí ènìyàn bá la kìlómítà kan níbùú lóròó níbikíbi ní Ògùn Wọtasáìdì, ènìyàn 73 ni yóò bá níbẹ̀. Ní àárín ọjà Iwopin, iye tí yóò bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ní àárín irà tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, ó lè má bá ẹnikẹ́ni. Ohun tí iye náà ń sọ ni pé, ká ní wọ́n kó gbogbo olùgbé wọ̀nyí, tí wọ́n sì fọ́n wọn ká ní dọ́gbadọ́gba sórí kìlómítà 1,000, báyìí ni wọn ì bá ṣe tò. Àlà lásán ni ìfọ́nká náà, ṣùgbọ́n kìlómítà 1,000 tí wọ́n fọ́n wọn lé kì í ṣe àlà. Ẹnì kan ló yàn án, ọ̀nà tó gbà yàn án sì ni àròkọ yìí ń wá.

Nínú ìtàn ìkànìyàn Nàìjíríà, orí iye ènìyàn ni gbogbo ìjà ti máa ń wáyé. Wọ́n wọ́gi lé ìkànìyàn ọdún 1962, wọ́n ka òmíràn ní 1963, wọ́n sì tún da ti 1973 nù pátápátá. Nígbà tí èsì ọdún 2006 jáde, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kò gbà pé ènìyàn 9,113,605 ni wọ́n ní. Wọ́n ní kíkà tí àwọn fúnra wọn ṣe fi hàn pé wọ́n jẹ́ 17,552,940. Ìjà irú èyí pọ̀ nínú ìwé ìròyìn àti nínú iṣẹ́ àwọn onímọ̀. Ìjà lórí iye ilẹ̀ kò pọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ni ó wà nísàlẹ̀ ìpín náà, òun ni ó sì ń yí èsì padà láìpariwo.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èsì tí Àjọ Tó Ń Mójútó Ètò Ìkànìyàn kọ́kọ́ gbé jáde fún ìpínlẹ̀ náà lẹ́yìn ìkànìyàn 2006 jẹ́ 3,728,098. Èsì àṣekágbá tó tẹ̀lé e jẹ́ 3,751,140. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jẹ́ 23,042, kò tó ènìyàn kan nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tún wúlò fún ìdí mìíràn: àwọn iye ìjọba ìbílẹ̀ tó pọ̀ jù lórí ẹ̀rọ ayélujára, títí kan 72,935 ti Ògùn Wọtasáìdì, èsì àkọ́kọ́ ni wọ́n bá lọ. Ẹni tó bá ro gbogbo ogún ìjọba ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Ògùn pọ̀ yóò bá 3,728,098 gan-an, kì í ṣe 3,751,140. Nítorí náà kò yẹ kí ènìyàn mú iye ìjọba ìbílẹ̀ láti inú èsì kan, kí ó wá mú ti ìpínlẹ̀ láti inú èsì kejì, kí ó sì máa fi wọ́n wé ara wọn. Síbẹ̀, àṣìṣe tó lè ti ibẹ̀ wá kéré. Ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kan náà, àwọn ìwé kan ní ó jẹ́ kìlómítà 16,762 níbùú lóròó, àwọn mìíràn ní 16,980. Ìyẹn nìkan ti ju ìyàtọ̀ èsì ìkànìyàn méjèèjì lọ ní ìlọ́po méjì.

Kìlómítà 1,000 ti Ògùn Wọtasáìdì fúnra rẹ̀ ń béèrè pé kí ènìyàn wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú tó múlé gbè é ní 2,234. Àríwá Ìjẹ̀bú, níbi tí Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè wà, ní 967. Àwọn iye méjì wọ̀nyí ní ìrísí ohun tí wọ́n wọ̀n dé orí ẹyọ kan. 1,000 kò ní irú ìrísí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ lè ṣèèṣì fẹ̀ tó 1,000 gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ pé ẹnì kan ló gbé iye náà sórí odidi tó sún mọ́ ọn. Bí ó bá jẹ́ orí ọgọ́rùn-ún tó sún mọ́ ọn ni wọ́n gbé e sí, ilẹ̀ náà gan-an lè jẹ́ ohunkóhun láti 950 títí dé 1,050, ìṣúpọ̀ náà sì lè jẹ́ ohunkóhun láti 69 títí dé 77. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé ìṣúpọ̀ Ògùn Wọtasáìdì jẹ́ 72.94 ti sọ ju ohun tí ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gbà lọ. Ìdá lẹ́yìn àmì kékeré yẹn kò ní ìtumọ̀ kankan.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó tóbi jù ní ibi tí a ń pè ní etí omi ni pé: ṣé omi wà nínú 1,000 náà àbí kò sí? Ọ̀sà Lẹ́kí fẹ̀ tó kìlómítà 247 níbùú lóròó. Omi tí kò jìn ni, ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta lọ, odò Oni àti odò Ọ̀ṣun sì wà lára àwọn odò tó ń tú sínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó àti ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n jọ ni ín, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò lè kó gbogbo 247 náà lé Ògùn Wọtasáìdì lọ́wọ́. Ká ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà nínú 1,000 náà jẹ́ omi, ilẹ̀ gbígbẹ yóò ku 900, ìṣúpọ̀ yóò sì di 81. Ká ní omi jẹ́ igba, ìṣúpọ̀ yóò di 91. Àbá lásán ni ọgọ́rùn-ún àti igba yìí; ohun tí wọ́n fi hàn ni pé kò sí ọmọ kan tí wọ́n bí, kò sí àlejò kan tó wọ̀lú, ìṣúpọ̀ sì gòkè láti 73 dé 91 nítorí pé wọ́n fa ìlà sí etí omi dípò àárín omi.

Ìpínlẹ̀ Èkó ni ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere, nítorí pé iye méjèèjì wà nínú àkọsílẹ̀. Ilẹ̀ àti omi ìpínlẹ̀ náà lápapọ̀ jẹ́ 3,577. Nínú rẹ̀, 787 jẹ́ ọ̀sà àti odò kéékèèké, ìyẹn nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ènìyàn bá fi 3,577 pín 9,113,605, yóò rí 2,548. Bí ó bá yọ omi kúrò, tí ó wá fi 2,790 tó kù pín in, yóò rí 3,267. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó ń bá ara wọn jiyàn lórí bóyá Èkó há jù, tàbí bóyá ó há ju ìlú mìíràn lọ, lè máa sọ òótọ́ méjì lórí ìpínlẹ̀ kan láìmọ̀.

Àwọn àjọ ńláńlá pàápàá kò fẹnu kò lórí èyí. Ìwé ọdọọdún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí iye ènìyàn máa ń lo gbogbo ojú ilẹ̀, tó ní omi inú ilẹ̀ nínú. Báńkì Àgbáyé máa ń yọ àwọn odò ńlá àti adágún kúrò kí ó tó pín. Fún Nàìjíríà lápapọ̀, ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan: kìlómítà 923,768 pẹ̀lú omi, 910,768 láìsí omi, èyí tó sọ ìṣúpọ̀ ọdún 2006 di 152 tàbí 154. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ olùṣèwádìí kò fi bìkítà nípa rẹ̀. Wọ́n kọ́ àṣà náà láti orí iye orílẹ̀-èdè, níbi tí omi kò ti pọ̀, wọ́n wá gbé e sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí omi ti gba ilẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́.

Ọ̀nà kan wà tí òǹkàwé lè fi mọ ilẹ̀ tí òǹkọ̀wé lò, bí òǹkọ̀wé kò bá tilẹ̀ sọ. Bí ìwé kan bá tẹ iye ènìyàn àti ìṣúpọ̀ jáde láìtẹ ilẹ̀, kí òǹkàwé fi ìṣúpọ̀ pín iye ènìyàn. Ilẹ̀ tó fara pamọ́ yóò yọjú. Bí ó bá rí i kà pé ènìyàn 9,113,605 wà ní Èkó àti pé ìṣúpọ̀ wọn jẹ́ 3,267, ìpín náà yóò fún un ní nǹkan bí 2,790, yóò sì mọ̀ pé wọ́n ti yọ omi. Bí ohun tó jáde bá jẹ́ 3,345, tí àwọn ìwé mìíràn ń lò fún ìpínlẹ̀ náà, yóò mọ̀ pé ibòmíràn ni òǹkọ̀wé ti mú un. Bí ohun tó jáde kò bá jọ ilẹ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iye ènìyàn ọdún kan ni wọ́n fi wé ìṣúpọ̀ ọdún mìíràn.

Ó rọrùn láti sọ pé kí wọ́n kàn máa yọ omi kúrò ní gbogbo ìgbà, nítorí ènìyàn kì í gbé orí omi. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì dé Makókó, kò sì tíì rí ilé orí òpó ní etíkun Ìlàjẹ. Ṣùgbọ́n ká tilẹ̀ fi ilé sílẹ̀. Ní Iwopin àti àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀sà ni oko. Níbẹ̀ ni apẹja ń na àwọ̀n, níbẹ̀ ni wọ́n ń dẹ ìgèrè, ẹja tó ti ibẹ̀ wá ni obìnrin ń yan tí wọ́n sì ń gbé lọ sí ọjà. Bí wọ́n bá yọ ọ̀sà kúrò lára ilẹ̀ apẹja nítorí pé omi ni, ó yẹ kí wọ́n yọ oko iṣu kúrò lára ilẹ̀ àgbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé àgbẹ̀ kì í sun orí ebè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ ni pé kò sí ilẹ̀ kan ṣoṣo tó tọ́ fún gbogbo ìbéèrè. Ẹni tó fẹ́ mọ bóyá ẹja inú ọ̀sà yóò tó àwọn tó ń jẹ ẹ́, ilẹ̀ tirẹ̀ ni omi. Kí ó fi omi pín iye apẹja, kí ó má sì da ilẹ̀ gbígbẹ pọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ilé ṣe há mọ́ra tó, kí ó lo ibi tí ilé wà nìkan. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tí wọn yóò kọ́ ilé ìwòsàn sí, kí aláboyún má baà rìn jù, gbogbo ilẹ̀ àti omi ni yóò wò, nítorí pé aláboyún tó wà ní òdìkejì ọ̀sà yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Fún ẹni ìkẹyìn yìí, omi kò kúrò nínú ìṣirò rárá. Ó tilẹ̀ wúwo ju ilẹ̀ lọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó ń béèrè ìbéèrè kẹta máa ń yá iye tí wọ́n ṣe fún ìbéèrè kejì, kìkì nítorí pé òun ló wà lórí tábìlì.

Irà tún mú ọ̀rọ̀ náà nira sí i. Láàárín ọ̀sà àti òkun, àti ní ibi tí àwọn odò ti ń ya wọ ọ̀sà, ilẹ̀ wà tó jẹ́ ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi sì bò nígbà òjò. Ìlà etí omi tó wà lórí máàpù dá lórí oṣù tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ láti òkè. Àwòrán oṣù kejì yóò fún ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ní ilẹ̀ tó pọ̀ ju èyí tí àwòrán oṣù kẹsàn-án yóò fún un lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń wọn ilẹ̀ irú agbègbè bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ àwòrán sílẹ̀, bí ó ṣe ń kọ ọjọ́ ìkànìyàn.

Ní apá òkè, igbó ni ó ṣe ohun tí omi ṣe ní ìsàlẹ̀. Ìtàn Iwopin fúnra rẹ̀ so méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pinnu láti dá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìwé sílẹ̀ ní Iwopin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú mẹ́ta tí wọ́n ní lọ́kàn pẹ̀lú ti Jẹ́bà àti ti Oku-Iboku, igi mẹ̀láínà ni wọ́n fẹ́ máa lọ̀ fún un. Inú Igbó Ọba Omo ni wọ́n gbin igi náà sí, ní agbègbè tí wọ́n ń pè ní J4. Ilé-iṣẹ́ náà kò ṣiṣẹ́ débi tí wọ́n lérò, ṣùgbọ́n igi wà níbẹ̀, igbó náà sì wà níbẹ̀. Igbó Ọba Omo fẹ̀ tó kìlómítà 1,305 níbùú lóròó. Láti ìgbà ìjọba amúnisìn, ní 1925, ni wọ́n ti ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan Igbó Ọba Ṣaṣa, tí òfin sì ti ní kí àgbẹ̀ má dáko níbẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní ènìyàn 110,196 lórí kìlómítà 2,234, tí ìṣúpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 49. Ẹni tó bá ka 49 yìí láìmọ igbó yóò sọ pé ilẹ̀ ṣófo níbẹ̀, pé ààyè wà. Àwọn kan ti fi irú ìṣúpọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí pé àwọn ará ibi kan kò mọ ilẹ̀ lò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ṣófo. Òfin ló tì í. Ká ní kìlómítà 1,000 nínú ilẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú jẹ́ ti igbó ọba, ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn lè lò yóò ku 1,234, ìṣúpọ̀ yóò sì di 89. Ìjọba ìbílẹ̀ tó dà bí èyí tí ilẹ̀ pọ̀ sí jù yóò wá di ibi tí àgbẹ̀ ti ń jìjàdù ààlà, èyí sì bá ohun tí wọ́n ń rí ní ẹ̀gbẹ́ igbó ọba mu ju 49 lọ.

Kíkó igbó kúrò ní ìlànà tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Àwọn ènìyàn ń gbé inú igbó ọba náà. J4 jẹ́ ibùdó, àwọn abúlé mìíràn wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ igbó àti àgbẹ̀ ń gbé inú wọn, àwọn tó ń ka ènìyàn sì kà wọ́n. Bí olùṣèwádìí bá yọ ilẹ̀ igbó kúrò nísàlẹ̀ ìpín, ó gbọ́dọ̀ yọ àwọn tó ń gbé inú igbó kúrò lókè ìpín pẹ̀lú. Bí àwọn ará inú igbó bá jẹ́ 10,000, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, 89 yóò padà sí 81. Òfin náà kò ju báyìí lọ: àwọn ènìyàn tó wà lókè ìpín àti ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ibì kan náà. Ó dà bí ohun tí kò yẹ kí wọ́n máa sọ, ṣùgbọ́n òun ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ìṣirò ilẹ̀ oko, nítorí pé ìkànìyàn ń tẹ̀lé ààlà ìjọba, igbó àti omi kì í sì í tẹ̀lé e.

Ààlà ìjọba pàápàá kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run fà. Ìpínlẹ̀ Ògùn ti dá sílẹ̀ ní 1976, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń pín àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ sí i. Ní ti ìdìbò, Àríwá Ìjẹ̀bú, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú àti Ògùn Wọtasáìdì jọ jẹ́ ẹkùn kan ṣoṣo tó ń yan aṣojú kan sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá. Bí ènìyàn bá ka ẹkùn náà sí ibì kan, ènìyàn 467,467 ló wà lórí kìlómítà 4,201, ìṣúpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 111. Iye yìí tọ́. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jọ ọ́: Àríwá Ìjẹ̀bú ní 294, Ògùn Wọtasáìdì ní 73, Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú ní 49. Iwopin àti Ìjẹ̀bú-Igbó wọ inú agbada kan, ọbẹ̀ tó jáde kò sì jọ ti ẹnìkankan nínú wọn.

Ìdí rẹ̀ ni pé Àríwá Ìjẹ̀bú ní ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ènìyàn ẹkùn náà, ṣùgbọ́n ìdá 23 péré nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ní. 111 jẹ́ èsì tí ènìyàn yóò rí bí ó bá béèrè lọ́wọ́ ilẹ̀. Ọ̀nà mìíràn ni láti béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Ká ní wọ́n bi gbogbo olùgbé 467,467 náà léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan pé, «Mélòó ni ìṣúpọ̀ ibi tí ẹ ń gbé?» Àwọn 284,336 ní Àríwá Ìjẹ̀bú yóò dáhùn pé 294, àwọn 110,196 yóò ní 49, àwọn 72,935 yóò ní 73. Bí wọ́n bá ro gbogbo ìdáhùn pọ̀, tí wọ́n sì fi iye àwọn tó dáhùn pín in, èsì rẹ̀ yóò jẹ́ 202. Ẹkùn kan náà, ìkànìyàn kan náà, ilẹ̀ kan náà. Ilẹ̀ ní 111, ènìyàn ní 202. Fún ẹni tó ń ronú nípa àrùn tó ń ràn, tàbí nípa bí ilé-ìwé ṣe kún tó, 202 ló sún mọ́ ohun tí ojú àwọn ará ibẹ̀ ń rí. Fún ẹni tó ń ronú nípa ọ̀nà tí wọn yóò là, 111 wúlò jù, nítorí pé ilẹ̀ ni ọ̀nà ń là.

Òpìtàn tó bá fẹ́ fi ìṣúpọ̀ àtijọ́ wé ti òde òní tún ní ọ̀fìn kan tó ń dúró dè é. Títí di ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira, máìlì ni wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ Nàìjíríà. Ìkànìyàn 1963 rí ènìyàn 55,670,055, ilẹ̀ orílẹ̀-èdè náà sì jẹ́ máìlì 356,669 níbùú lóròó. Ìṣúpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 156. Ní 2006, ènìyàn 140,431,790 wà lórí kìlómítà 923,768, ìṣúpọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 152. Ẹni tó bá to iye méjèèjì sínú tábìlì kan láìwo ohun tí wọ́n fi wọn ilẹ̀ yóò kọ ọ́ pé ìṣúpọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà dín kù láàárín ọdún mẹ́tàlélógójì. Máìlì kan níbùú lóròó jẹ́ kìlómítà 2.59 níbùú lóròó. Bí wọ́n bá fi 2.59 pín 156, yóò di 60, ohun tó ṣẹlẹ̀ yóò sì hàn: láti 60 dé 152, ó ju ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ lọ.

Ní ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀, àṣìṣe yìí rọrùn láti fura sí, nítorí gbogbo ènìyàn mọ̀ pé Nàìjíríà kò dín kù. Ní ti agbègbè kékeré bí etí ọ̀sà Ìjẹ̀bú, kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Àwọn ìjábọ̀ àwọn aṣojú ìjọba amúnisìn lórí àgbègbè Ìjẹ̀bú fi máìlì wọn ilẹ̀, ààlà ẹkùn wọn kì í sì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ kankan tó wà lónìí. Bí olùṣèwádìí bá bá ìṣúpọ̀ kan pàdé níbẹ̀, tó sì rí i pé ó ju 73 lọ, ó lè rò pé àwọn ará etí omi ti ń ṣí kúrò ní ìlú wọn, kí ó sì kọ ìtàn ìṣílọ tó dùn ún kà. Kí ó tó kọ ọ́, iṣẹ́ mẹ́ta ló wà níwájú rẹ̀: kí ó sọ máìlì di kìlómítà, kí ó fa ààlà àtijọ́ sórí máàpù òde òní, kí ó sì ka àwọn ìlú tó bọ́ sínú rẹ̀, kí ó wo bóyá àwọn tó wọn ilẹ̀ náà ka ọ̀sà mọ́ ọn. Èyí tí wọ́n máa ń fò jù ni ìkẹta, ní etí ọ̀sà, òun ló sì lè yí èsì padà jù lẹ́yìn máìlì.

Ìjọba àpapọ̀ kì í wo ìṣúpọ̀ nígbà tó bá ń pín owó fún àwọn ìpínlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń wo àwọn méjèèjì tí wọ́n fi ń ṣe ìṣúpọ̀. Nínú ìlànà ìpín náà, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ní dọ́gbadọ́gba, ìdá 30 tẹ̀lé iye ènìyàn, ìdá 10 tẹ̀lé fífẹ̀ ilẹ̀ àti ìrísí rẹ̀, ìdá 20 tó kù sì lọ sórí owó tí ìpínlẹ̀ ń pa wọlé àti ìdàgbàsókè àwùjọ. Nítorí náà ìpínlẹ̀ tí omi pọ̀ sí ní ìdí tí yóò fi fẹ́ kí wọ́n ka omi náà mọ́ ilẹ̀ rẹ̀ nígbà ìpín owó, àti ìdí mìíràn tí yóò fi fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nígbà tó bá fẹ́ fi hàn pé ilẹ̀ há mọ́ òun. Ní Ògùn Wọtasáìdì, ìlú Iwopin wà lórí ìlà tó pín àwọn ìdí méjèèjì náà gan-an. Ìwé tó bá fẹ́ tẹ ìṣúpọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà jáde gbọ́dọ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ilẹ̀ tí ó lò, ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n, àti ibi tí ìlà náà gbà kọjá nínú ọ̀sà.